Owódé wo lẹ ń wí? Bí a ṣe ń ya ìlú àti òpópónà tó ń jẹ́ orúkọ kan náà sọ́tọ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ òfì ni mo ń tà ní Ìsẹ́yìn, mo sì máa ń fi wébíìlì ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà láti gáréèjì. Oníbàárà mi kan ní kí n fi ẹrù òun sí Owódé, Ìpínlẹ̀ Ògùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo kọ ọ́ sára ẹrù, ni wọ́n bá gbé e lọ sí Owódé mìíràn. Aṣọ ìgbéyàwó ni o, ọjọ́ mẹ́ta ló fi wà lọ́nà. Kí ni kí n máa bèèrè kí n tó gbé ẹrù sínú mọ́tò, kí ó lè dá mi lójú pé ibi tí oníbàárà ń wí gan-an ni èmi náà ń wí?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú o. Orúkọ ìpínlẹ̀ tí ẹ kọ sí i kò lè ràn yín lọ́wọ́ níbí, torí pé inú Ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà ni Owódé méjèèjì wà. Owódé-Ẹ̀gbá ni ọ̀kan, òun ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, Ọ̀fàdà àti Síún sì wà ládùúgbò rẹ̀. Èkejì ni Owódé-Yewa, nínú Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù Yewa, lójú ọ̀nà tó ti Ọ̀tà lọ sí ẹnubodè Ìdí-Ìrókò. Bí a bá wọn àárín àwọn méjèèjì gbọọrọ lórí máàpù, ó lé ní 50 kìlómítà, mọ́tò yóò sì rìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tún fi Owódé Onírin kún un ní Èkó, lẹ́yìn Máìlì 12 lójú ọ̀nà Ìkòròdú, àti Owódé tó wà nítòsí Ẹdẹ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ibi tí ọjà bá ti gbèrú, tí owó sì ń wọlé, kò ṣòro fún un láti máa jẹ́ Owódé.

Àwọn orúkọ mìíràn wà tó jẹ́ pé àwọn tó ni wọ́n ló gbé wọn rìn. Nígbà tí ogun tú Ìjàyè ní 1862, ọ̀pọ̀ àwọn ará ibẹ̀ sá wọ Abẹ́òkúta, wọn kò sì fi orúkọ wọn sílẹ̀ sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí àdúgbò Ìjàyè fi wà ní Abẹ́òkúta títí dòní, tí Ìjàyè-Orílé náà sì wà lápá Ìbàdàn. Bákan náà ni Òwu ṣe fọ́n ká, tí a fi ní Orílé-Òwu ní Ọ̀ṣun, Òwu ní Abẹ́òkúta, àti Òwu-Ìjẹ̀bú. Ẹni tó ń fi ẹrù ránṣẹ́ káàkiri ilẹ̀ wa ní láti gbà pé orúkọ ìlú tí wọ́n dá fún òun ní èkejì níbì kan, títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi wá a tí kò rí i.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí àṣìṣe yìí máa ń gbà wọlé, torí ibẹ̀ ni àwọn ìbéèrè tí ẹ ń wá ti ń jáde. Orúkọ ìlú tí kò ní àfikún máa ń di ti ibi tí wọ́n bá ti pè é. Bí ẹ bá dúró ní gáréèjì Abẹ́òkúta tí ẹ ní Owódé lẹ ń lọ, Owódé-Ẹ̀gbá ni ọkàn dírẹ́bà máa lọ sí, torí òun ló wà nítòsí. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan náà ní Ọ̀tà, ti Yewa ni. Ẹ sọ ọ́ ní Kétu ní Èkó, ibi tí wọ́n ti ń ta irin ni wọ́n máa gbé yín lọ. Ẹ̀yin sọ pé Owódé, oníbàárà ní bẹ́ẹ̀ ni, dírẹ́bà ní òun mọ ibẹ̀. Ẹni mẹ́ta fẹnu kò, àmọ́ lórí orúkọ ni, kì í ṣe lórí ibi. Kò sí èyí tó purọ́ nínú wọn, ìyẹn ni ẹnikẹ́ni kò fi fura títí ẹrù fi dé ibi tí kò sí ẹni tó ń retí rẹ̀.

Láti Ìsẹ́yìn, àfàìmọ̀ ni kò jẹ́ pé Abẹ́òkúta ni ẹrù yín ti kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀. Bí wọ́n bá pààrọ̀ mọ́tò níbẹ̀, dírẹ́bà kejì kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu yín, ohun tó wà lára ẹrù nìkan ló rí kà. Ó ka Owódé, Ìpínlẹ̀ Ògùn, ó sì gbé e lọ sí Owódé tí àwọn ará Abẹ́òkúta mọ̀. Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló jẹ́.

Ìbéèrè tó máa yanjú rẹ̀ ni èyí tí ẹni tó wà ní Owódé kan àti ẹni tó wà ní èkejì kò lè dáhùn bákan náà. Ẹ má bèèrè pé, "Ṣé Owódé-Ẹ̀gbá ni?" Ẹni tó ń kánjú tàbí tí nẹ́tíwọ̀kì ń já mọ́ létí yóò kàn ní "ẹn-ẹn." Àwọn ayálégbé mìíràn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ìlú tí àwọn ń gbé ní àfikún orúkọ, torí ládùúgbò wọn, Owódé lásán ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ẹ fi ìdáhùn sílẹ̀ kí ó ti ẹnu wọn jáde. Ẹ lè sọ pé: "Mà, tí ẹ bá ń ti Abẹ́òkúta bọ̀ nílé, àwọn ìlú wo lẹ máa ń kọjá kí ẹ tó dé Owódé?" Ará Owódé-Ẹ̀gbá lè dárúkọ Síún. Ará Owódé-Yewa lè dárúkọ Ìlaròó, tàbí kí ó ní, "Èmi kì í gba Abẹ́òkúta o, Ọ̀tà ni mo máa ń gbà, màá kọjá ní Àtàn." Irú èsì tó kẹ́yìn yìí ló dára jù lọ, torí ó tako ohun tí ẹ gbé sínú ìbéèrè. Ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni lásán kò ní tún ọ̀nà ṣe fún yín.

Lẹ́yìn ọ̀nà, ẹ bèèrè ìjọba ìbílẹ̀. Bí oníbàárà kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ní kí ó wo káàdì ìdìbò rẹ̀ tó bá jẹ́ ibẹ̀ ló ti gbà á, tàbí kí ó bi onílé. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ dá dúró, torí òun náà ní ìbejì. Sùúrùlérè wà ní Èkó, Sùúrùlérè wà ní Ọ̀yọ́, ìjọba ìbílẹ̀ sì ni méjèèjì. Ìfẹ́lódùn wà ní Ọ̀ṣun, olú-ìlú rẹ̀ ni Ìkìrun. Ó tún wà ní Kwara, olú-ìlú rẹ̀ ni Ṣàárẹ̀. Ìrẹ́pọ̀dún náà wà ní Ọ̀ṣun pẹ̀lú Ìlobùú, ó sì wà ní Kwara pẹ̀lú Òmù-Àrán. Orúkọ ìlú pẹ̀lú àfikún rẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀, àti ìpínlẹ̀: ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ní ti Owódé tiyín, ìpínlẹ̀ ni kò yà á, ìjọba ìbílẹ̀ ló yà á. Ní ti Sùúrùlérè, ìpínlẹ̀ ló máa yà á.

Ó ní ibi tí ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ń ṣini lọ́nà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ Èkó lápá Ògùn ló máa sọ fún yín pé Èkó ni àwọn wà, torí Èkó ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Alágbọlé àti Akúte wà ní Ògùn. Ẹ gbé Ìjú yẹ̀ wò: Ìjú kan wà ní Èkó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìṣàgá, nínú Ìfàkò-Ìjàyè, Ìjú mìíràn wà ní Ọ̀tà lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, ẹ̀kẹta wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, nínú Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Àkúrẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìta-Ògbólú. Bí ará Ìjú ti Ọ̀tà bá ní "Ìjú, Èkó", tí ẹ sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, Ìṣàgá ni ẹrù máa lọ. Ìbéèrè ọ̀nà ló máa tú u fó: "Níbo lẹ ti máa ń wọ mọ́tò tí ẹ bá ń ti ọjà bọ̀ wálé?" Ẹni tó bá ní Sango ni ti Ọ̀tà, àmọ́ ẹ bèèrè Sango tó ń wí náà, torí Sango wà ní Ìbàdàn, ó sì wà ní Ìlọrin.

Bí ẹ bá gba orúkọ lórí fóònù, ẹ ní kí wọ́n tún kọ ọ́ ránṣẹ́. Ìrè-Èkìtì àti Ìrèé ti Ọ̀ṣun kò jìnnà síra wọn létí. Ẹni tó bá gbọ́ Ìjẹ̀bú tí kò dúró gbọ́ ìyókù lè darí ẹrù sí Ìjẹ̀bú-Òde, nígbà tó jẹ́ pé Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà tó wà ní Ọ̀ṣun ni wọ́n ń wí. Ìwé nìkan kò tó náà, torí ọ̀pọ̀ kì í fi àmì sí i. Ẹ gbọ́ ọ, ẹ kà á.

Nípa àwọn àmì tí oníbàárà máa ń júwe: "Mọ́ṣáláṣí ńlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa", "Ẹ máa rí ṣọ́ọ̀ṣì Rìdíìmù", "Ilé epo wà ní ìta." Bí mọ́tò bá ti wọ àdúgbò, wọ́n wúlò gan-an. Àmọ́ kí ẹ fi mọ ìlú, rárá, torí kò sí Owódé tí kò ní mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé epo. Nígbàkigbà tí wọ́n bá júwe nǹkan fún yín, ẹ bi ara yín léèrè bóyá ó lè wà ní èkejì náà. Tó bá lè wà níbẹ̀, ẹ kò tíì mọ nǹkan kan nípa ìlú.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí máàpù fóònù, torí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí máàpù bá ti gbé ibì kan jáde, ọ̀rọ̀ ti parí. Bí dírẹ́bà ṣe ń ronú ni máàpù náà ṣe ń ronú. Tí ẹ bá tẹ `Owode` lásán, Gúgù yóò wo ibi tí fóònù yín wà àti apá máàpù tí ẹ ṣí sílẹ̀, yóò sì gbé èyí tó rò pé ẹ ń wá síwájú. Ẹni tó wà ní Ìsẹ́yìn àti ẹni tó wà ní Ọ̀tà lè tẹ ọ̀rọ̀ kan náà kí wọ́n sì rí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nítorí náà, ẹ tẹ ẹ́ pẹ̀lú àfikún, bíi `Owode, Yewa South, Ogun`, kí ẹ sì ka ìlà kékeré tó wà lábẹ́ orúkọ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ó fi ọ̀nà hàn yín láti Ìsẹ́yìn, kí ẹ wo àwọn ìlú tí ìlà náà gbà kọjá. Bí oníbàárà bá ti dárúkọ Àtàn, tí ìlà orí máàpù wá wọ Síún, ẹ dúró. Ẹ má yan èyí tó wù yín nínú méjèèjì, ẹ padà lọ bi í.

Èyí tó dára ju kí ẹ̀yin máa wá a lọ ni pé kí oníbàárà fi ibi tó wà ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù. Àmọ́ àṣìṣe kan wọ́pọ̀ níbẹ̀: `Send your current location` ń fi ibi tí fóònù wà lásìkò náà ránṣẹ́, kò mọ ilé ẹnikẹ́ni. Ẹ béèrè ní ọ̀sán, oníbàárà wà ní ṣọ́ọ̀bù ní Ọ̀tà, ó tẹ̀ ẹ́, ẹ̀yin sì gbà pé ilé rẹ̀ nìyẹn. Ẹ sọ fún un pé kí ó dé ẹnu ọ̀nà ilé kí ó tó tẹ̀ ẹ́, kí ó dúró síta, torí abẹ́ òrùlé kì í jẹ́ kí fóònù mọ ibi tó wà dáadáa. Ìwọ̀n mítà kan máa ń hàn lábẹ́ bọ́tìnì yẹn. Bí ó bá ṣì ń sọ 100 mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀, kí ó dúró díẹ̀ títí yóò fi wálẹ̀ sí bíi 20. Kí ó má sì mú orúkọ kankan nínú àwọn ibi tí Wáàsáàpù tò sísàlẹ̀, torí orúkọ ilé iṣẹ́ aládùúgbò ni, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà rẹ̀. `Share live location` kò dára fún àdírẹ́ẹ̀sì, torí bí ó bá ṣe ń rìn ni àmì náà ń bá a rìn. Ìgbà tí òun àti dírẹ́bà bá ń wá ara wọn ní gáréèjì ni ó wúlò.

Bí àmì náà bá dé ọwọ́ yín, ẹ ṣí i nínú Gúgù Máàpù, ẹ ó rí nọ́ńbà méjì tí kọ́mà wà láàárín wọn. Ẹ lè kà wọ́n láìlo ohunkóhun mìíràn. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń pọ̀ sí i bí ẹ bá ṣe ń lọ sí àríwá, èkejì ń pọ̀ sí i bí ẹ bá ṣe ń lọ sí ìlà-oòrùn. Ìkẹjà wà ní bíi 6.60, 3.35. Abẹ́òkúta wà ní 7.15, 3.35. Ìbàdàn, 7.38, 3.90. Òṣogbo, 7.77, 4.56. Àkúrẹ́, 7.25, 5.20. Ìlọrin, 8.50, 4.55. Bí nọ́ńbà bá fi ẹyọ kan ju òmíràn lọ, ìrìn bíi 111 kìlómítà ló wà láàárín wọn. Ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ bíi 11 kìlómítà. Owódé-Ẹ̀gbá wà nítòsí 6.9 àti 3.5, Owódé-Yewa wà nítòsí 6.7 àti 3.0. Bí oníbàárà bá ti ní Yewa ni òun wà, tí àmì rẹ̀ wá ní 6.9 àti 3.5, ẹ ti rí i pé nǹkan kan kò bára mu kí owó mọ́tò tó jáde lápò yín. Ìyàtọ̀ 0.5 yẹn tóbi ju pé kí a ní fóònù ló ṣìṣe.

Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má yí nọ́ńbà méjèèjì padà nígbà tí ẹ bá ń dà wọ́n kọ. Tí ẹ bá fi 3.35 síwájú 6.60, inú òkun ní gúúsù Niger Delta ni máàpù máa gbé yín lọ. Ìyẹn tilẹ̀ dára, ẹ ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹ ti yí i padà.

Ohun kan tún wà lórí Gúgù Máàpù tó ń jẹ́ `Plus Code`, ọ̀pọ̀ sì ti ń lò ó báyìí fún ilé tí kò ní nọ́ńbà. Èyí tí máàpù máa ń fi hàn jẹ́ ìkékúrú pẹ̀lú orúkọ ìlú lẹ́yìn rẹ̀, bí àpẹẹrẹ `P2X8+4C Owode`. Fún ìlú tó ní ìbejì, ìkékúrú yìí lè dà yín. Àmì mẹ́rin kan wà tí wọ́n yọ kúrò níwájú rẹ̀, tó ń sọ apá ilẹ̀ tí a wà. Orúkọ ìlú ni wọ́n fi rọ́pò wọn. Bí máàpù ẹni tó gbà á bá wá túmọ̀ Owódé sí ti Ẹdẹ, kóòdù kan náà lè bọ́ sí ibi tó jìnnà ju 100 kìlómítà lọ, torí àwọn àmì tó kù máa ń tún ara wọn sọ ní gbogbo bíi 111 kìlómítà. Kóòdù tó pé, tó ní àmì mẹ́jọ ṣáájú `+`, kò lọ́wọ́ sí orúkọ ìlú rárá. Ní Èkó, mẹ́rin àkọ́kọ́ rẹ̀ ni `6FR5`. Ní Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Ìsẹ́yìn, `6FV5` ni. Ní Òṣogbo, `6FV6`. Ní Àkúrẹ́, `6FV7`. Ìjú ti Èkó àti Ìjú ti Oǹdó kò lè pàdé níbẹ̀ láéláé: `6FR5` ni ọ̀kan, `6FV7` ni èkejì. Bí ó bá jẹ́ ìkékúrú ni oníbàárà fi ránṣẹ́, ẹ ní kí ó fi nọ́ńbà méjì yẹn kún un.

Nọ́ńbà kóòdù ìfìwéránṣẹ́ ńkọ́? Oní-nọ́ńbà mẹ́fà ni ti Nàìjíríà. Ti Abẹ́òkúta ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 110, ti Òṣogbo pẹ̀lú 230, ti Àkúrẹ́ pẹ̀lú 340. Ó lè ya ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀ bí ẹni tó kọ ọ́ bá mọ tirẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá rí 23401, nọ́ńbà tí a fi ń pe Nàìjíríà àti èyí tí a fi ń pe Èkó tẹ́lẹ̀ lórí fóònù ni wọ́n lẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe kóòdù ìfìwéránṣẹ́ ibì kankan. N kò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ gbára lé e.

Ká wá gbà pé ìlú ti dájú, Owódé-Yewa ni. Oníbàárà ní Òpópónà Ìrẹ́pọ̀dún ni ilé òun wà, nọ́ńbà 14. Àwọn onílé ládùúgbò ló máa ń sọ òpópónà wọn lórúkọ, wọn kì í sì í bi àdúgbò kejì bóyá ó ti ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìrẹ́pọ̀dún, Ìfẹ́lódùn, Olúwaṣeun, Yúnítì: ìlú kan ṣoṣo lè ní méjì tàbí mẹ́ta nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí olúkúlùkù sì bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà tirẹ̀ láti 1. Ilé kẹrìnlá yóò wà ní gbogbo wọn. Ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ lè tilẹ̀ gba ẹrù náà lọ́wọ́ ọlọ́kadà kí ó tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Òpópónà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ ni ẹ máa fi mọ̀ ọ́n. Ìrẹ́pọ̀dún méjì lè wà, àmọ́ ó ṣòro kí àwọn òpópónà tó yí wọn ká tún bára mu. Ẹ ṣí àmì tí oníbàárà fi ránṣẹ́, ẹ fẹ̀ ẹ́ títí ẹ ó fi rí orúkọ àwọn òpópónà tó wà lápá ọ̀tún àti apá òsì, ẹ má sì sọ ọ́ fún un. Ẹ bi í pé, "Òpópónà wo ló wà lẹ́yìn tiyín? Èwo lẹ ti máa ń yà wọlé láti títì?" Bí orúkọ tó dá bá bá èyí tí ẹ̀ ń wò mu, ó parí. Bí máàpù kò bá kọ orúkọ sí àdúgbò náà, bó ṣe sábà máa ń rí ní ìlú kéékèèké, ẹ bèèrè bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù tí wọ́n ti ń bọ́ sílẹ̀, ìyànà kelòó ni, ọwọ́ wo ni wọ́n yà sí, àti ohun tí wọ́n kọ sára géètì. Lẹ́yìn náà, kí ẹ fi ìlà tí ẹ̀yin náà rí lórí máàpù tẹ̀lé ìjúwe yẹn láti títì, kí ẹ wò ó bóyá ó já síbi àmì.

Ẹ má sì fi ojú fo ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé orúkọ òpópónà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni Kúlóòsì máa ń yọ lára Sítírítì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà 5 tirẹ̀. Ní ìlú ńlá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn lè jẹ́ ìrìn wákàtí kan nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ: Róòdù Awólọ́wọ̀ wà ní Ìkòyí, Wéè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà ní Ìkẹjà, Áfẹ́níù Awólọ́wọ̀ sì wà ní Bódìjà ní Ìbàdàn. Ẹni tó bá ní "ojú ọ̀nà Awólọ́wọ̀" kò tíì sọ ibi tí òun wà.

Ó wá ku dírẹ́bà. Ẹ má bi í pé ṣé ó mọ Owódé-Yewa. Ẹ bi í pé, "Ibo lo máa gbà dé ibẹ̀?" Kí ó ka àwọn ìlú náà fún yín. Bí kò bá ní dé ibẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ bèèrè gáréèjì tó máa ti fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, kí ẹ sì gba nọ́ńbà fóònù ẹni yẹn. Kí dírẹ́bà pe oníbàárà pẹ̀lú fóònù tirẹ̀ lójú yín, kí oníbàárà fẹnu ara rẹ̀ júwe gáréèjì tó ti máa gbà á, kí ẹ̀yin dákẹ́ kí ẹ máa gbọ́. Bí ìjúwe yẹn bá yàtọ̀ sí èyí tó ti ṣe fún yín, ẹ má tíì gbé ẹrù sínú mọ́tò.

Ohun tí ẹ máa kọ sára ẹrù gbọ́dọ̀ yé ẹni tí kò tíì bá yín sọ̀rọ̀ rí, torí ọwọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló máa kọjá. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà ní ẹ̀gbẹ́ méjì: "OWÓDÉ-YEWA, ojú ọ̀nà Ọ̀tà sí Ìdí-Ìrókò, Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù Yewa, Ìpínlẹ̀ Ògùn. KÌ Í ṢE OWÓDÉ-Ẹ̀GBÁ." Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló máa dá dírẹ́bà kejì dúró ní Abẹ́òkúta, torí ó dárúkọ ibi tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ lọ gan-an. Ẹ fi nọ́ńbà fóònù méjì ti oníbàárà sí i, kí ọ̀kan jẹ́ ti ẹlòmíràn nínú ilé, pẹ̀lú nọ́ńbà tiyín.

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tí ẹrù ṣì ṣìnà, ohun tó kọ́kọ́ máa fi hàn ni pé dírẹ́bà ní òun ti dé, oníbàárà náà ní òun wà níbẹ̀, wọn kò sì rí ara wọn. Kí wọ́n má máa pe orúkọ ìlú fún ara wọn mọ́. Kí dírẹ́bà fi `Send your current location` ránṣẹ́ sí yín láti ibi tó dúró, kí ẹ sì fi nọ́ńbà méjì rẹ̀ wé ti oníbàárà. Bí ìyàtọ̀ bá wà ní nọ́ńbà kẹta lẹ́yìn àmì ìdá, bíi 6.712 àti 6.715, wọ́n wà nítòsí ara wọn, kí wọ́n máa wá ara wọn lọ. Bí ó bá wà ní nọ́ńbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn àmì ìdá, ìlú ọ̀tọ̀ ni. Kí dírẹ́bà má fa ẹrù lé ọlọ́kadà lọ́wọ́ níbẹ̀, kí ó fi í sí ọ́fíìsì gáréèjì, kí ẹ gba orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tó gbà á, kí ẹ sì bá mọ́tò tó ń lọ sí ibi tó tọ́ sọ ọ́ láti ibẹ̀.

Nígbà tí ẹrù bá ti dé ọwọ́ oníbàárà láyọ̀, ẹ fi nọ́ńbà méjì yẹn pamọ́ sí abẹ́ orúkọ rẹ̀ nínú fóònù yín, kí ẹ kọ "Owódé-Yewa" sí i pẹ̀lú oṣù tí ẹ fi ẹrù ránṣẹ́. Bí ó bá tún ra ọjà, ẹ bi í bóyá ó ti kó kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó lò ó.